Kí Ni Afárá Iyọ̀ Ń Gbé Kọjá? Ìdáhùn Lórí Bátìrì Síńkì àti Bàbà

*Ẹ káàsán, sà. A ṣe bátìrì síńkì àti bàbà ní láàbù wa. A fi wáyà so irin méjèèjì mọ́ mítà, ṣùgbọ́n òdo ni mítà ń kà, àfìgbà tí olùkọ́ wa gbé pépà tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ lé etí ife méjèèjì. Kíá ló fò sí 1.08 fólítì. Ṣé ẹ̀lẹ́kítírónì ló ń gba inú pépà yẹn kọjá ni? Kí ló sì dé tí gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tí a so mọ́ ọn kò tàn rárá?*
*Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún karùn-ún ní sẹ́kọ́ńdìrì, Ìbàdàn*

Rárá o. Kò sí ẹ̀lẹ́kítírónì kankan tó gba inú pépà yẹn. Ẹ̀lẹ́kítírónì kì í dá rìn nínú omi. Inú irin ló ti ń rìn fàlàlà, bí ó bá sì dé ibi tí irin ti kan omi, àfi kí nǹkan kan wà nínú omi tí yóò gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ohun tó gba inú pépà kọjá ni áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù, tàbí àwọn átọ́ọ̀mù tó so pọ̀, tí ẹ̀lẹ́kítírónì wọn ti dín tàbí tó ti lé. Ìdáhùn kúkúrú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pépà àti ọ̀rọ̀ gílóòbù yẹn, orísun kan náà ni wọ́n ti wá, mo sì fẹ́ kí a tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń há a sórí wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láì tíì fi ojú inú rí i rí.

Gbé ife méjì sílẹ̀ ná, kí a lo ẹyọ kan. Bu omi bàbà sọ́féètì sínú rẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ búlúù yẹn, kí o wá ki pẹlẹbẹ síńkì tí o ti fi sáńpépà họ dáadáa bọ inú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú síńkì náà yóò dúdú, lẹ́yìn náà yóò pọ́n rúsúrúsú. Bàbà ni nǹkan pupa tó bò ó yẹn. Bí o bá fi í sílẹ̀ pẹ́, búlúù omi yóò máa ṣí, síńkì yóò máa fẹ́lẹ́ sí i, bí o bá sì fọwọ́ kan ara ife, wàá rí i pé ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé átọ́ọ̀mù síńkì kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀lẹ́kítírónì méjì sílẹ̀, ó di áyọ́ọ̀nù, ó sì wọ inú omi lọ. Áyọ́ọ̀nù bàbà wà nínú omi náà tẹ́lẹ̀, òun gan-an ló ń fún omi ní àwọ̀ búlúù. Ó gba ẹ̀lẹ́kítírónì méjì yẹn, ó di bàbà líle, ó sì lẹ̀ mọ́ ara síńkì. Ojú kan náà ni wọ́n ti ṣe pàṣípààrọ̀, ọwọ́ sí ọwọ́. Nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírónì kò rin ìrìn kankan, gbogbo agbára tó wà nínú pàṣípààrọ̀ náà di ooru, ooru náà kò sì kéré. Bí síńkì tó wọn gíráàmù 65 bá tú tán báyìí, ooru tí yóò jáde súnmọ́ kílójúùlù 217, èyí tó lè mú lítà omi kan láti ìwọ̀n 28 dé nǹkan bí 80.

Ọgbọ́n bátìrì tí ẹ ṣe kò ju pé kí a ya ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà sọ́tọ̀. Síńkì wà nínú ife tirẹ̀ pẹ̀lú omi síńkì sọ́féètì tí kò ní àwọ̀. Bàbà wà nínú ife kejì pẹ̀lú omi búlúù. Síńkì ṣì fẹ́ fi ẹ̀lẹ́kítírónì sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù bàbà ṣì fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò lè fara kan ara wọn mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún ẹ̀lẹ́kítírónì ni wáyà tí àwa fúnra wa nà fún un, ohunkóhun tí a bá sì gbé sí ojú wáyà náà, ì báà ṣe mítà tàbí gílóòbù, ẹ̀lẹ́kítírónì gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Agbára tí ì bá di ooru nínú ife kan ṣoṣo ti di iná mànàmáná tí a lè fi ṣiṣẹ́.

John Frederic Daniell, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísìrì ní Kíńgìs Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé irú bátìrì yìí jáde ní ọdún 1836. Alessandro Volta ará Ítálì ti ṣe bátìrì ṣáájú rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1800: irin méjì tí aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ wà láàárín wọn, tí a tò léra lọ sókè. Ti Volta ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rẹ̀. Kò sí áyọ́ọ̀nù bàbà nínú omi iyọ̀ lásán, nítorí náà omi fúnra rẹ̀ ló ń gba ẹ̀lẹ́kítírónì, gáàsì háídírójìn a máa hó jáde lára bàbà, ìhó náà a bo bàbà lójú, ìṣàn iná a sì rọ. Ohun tí Daniell ṣe ni pé ó fún bàbà ní omi búlúù tirẹ̀. Láti ìgbà náà, bàbà tuntun ló ń lẹ̀ mọ́ bàbà, kò sí ìhó tí yóò dènà, fólítéèjì rẹ̀ sì dúró ṣinṣin débi pé bátìrì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹligíráàfù, èyí tí a fi ń ta wáyà ránṣẹ́ nígbà náà, gbára lé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi omi lásán rọ́pò omi búlúù yẹn, o ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Jẹ́ kí a wá wo ojú irin kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀dọ̀ síńkì, èyí ló ń ṣẹlẹ̀:

Zn → Zn²⁺ + 2e⁻

Ní ọ̀dọ̀ bàbà:

Cu²⁺ + 2e⁻ → Cu

Síńkì ni ẹ̀lẹ́kítírónì ń pọ̀ sí lára, nítorí náà òun ni ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì yìí, bàbà sì ni ẹnu pọ́sítíìfù. Nínú kẹ́mísìrì, irin tí ẹ̀lẹ́kítírónì ti ń jáde ni ánóòdù, ibi tí wọ́n ti ń gbà á ni kátóòdù. Olùkọ́ físíìsì rẹ yóò sọ fún ọ pé ìṣàn iná ń ti ọ̀dọ̀ bàbà lọ sí ọ̀dọ̀ síńkì nínú wáyà. Má bá a jiyàn. Ìlànà tí wọ́n ti gbà kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀lẹ́kítírónì wà ló ń tẹ̀lé. Ẹ̀lẹ́kítírónì gan-an ń ti ọ̀dọ̀ síńkì lọ sí ọ̀dọ̀ bàbà.

Kí ló dé tí síńkì kò gba tirẹ̀ lọ́wọ́ bàbà dípò èyí? Nítorí pé bí irin kọ̀ọ̀kan ṣe ń di ẹ̀lẹ́kítírónì rẹ̀ mú yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ fi irin kọ̀ọ̀kan wé háídírójìn, tí wọ́n pè ní òdo, nígbà tí omi irin náà bá lágbára tó móòlù kan nínú lítà kan, ní ìwọ̀n ooru 25. Síńkì wà ní −0.76 fólítì, bàbà wà ní +0.34. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni 1.10 fólítì, ohun náà sì ni mítà yẹ kí ó kà. Bí o bá yọ bàbà, tí o fi fàdákà àti omi fàdákà náítíréètì rọ́pò rẹ̀, àlàfo náà yóò fẹ̀ dé 1.56, nítorí pé +0.80 ni fàdákà wà. Ìtóbi irin kò kan fólítéèjì. Síńkì tó tó èékánná àti èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́, fólítì kan náà ni wọ́n ń fúnni.

Wàyí o, wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí olùkọ́ rẹ tó gbé pépà yẹn lé e. Wáyà ti wà ní ìsopọ̀, síńkì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Áyọ́ọ̀nù síńkì àkọ́kọ́ tó wọ inú omi gbé ṣáájì pọ́sítíìfù méjì wọlé, kò sì sí nǹkan nẹ́gẹ́tíìfù kankan tó bá a wọlé. Ní ife kejì, áyọ́ọ̀nù bàbà pọ́sítíìfù kúrò nínú omi, ó fi sọ́féètì tí wọ́n jọ wà sílẹ̀ láìní ẹnìkejì, omi yẹn sì di nẹ́gẹ́tíìfù. Omi tó ti di pọ́sítíìfù ń ti áyọ́ọ̀nù síńkì tuntun padà, ó sì ń fa ẹ̀lẹ́kítírónì mọ́ra kí ó má lọ. Omi tó ti di nẹ́gẹ́tíìfù ń lé ẹ̀lẹ́kítírónì tó ń bọ̀ sẹ́yìn. Agbára ìfàmọ́ra àti ìtìsẹ́yìn yìí pọ̀ gidigidi, tó fi jẹ́ pé síńkì tí yóò tú kí gbogbo rẹ̀ tó dúró kò tó ohun tí òṣùwọ̀n yàrá ẹ̀kọ́ kankan lè wọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró lójú ẹsẹ̀. Mítà fúnra rẹ̀ nílò ìṣàn bíńtín kí ó tó lè ka nǹkan, kò sì rí i, ìdí nìyẹn tó fi dúró lórí òdo.

Pépà tí a rẹ sínú omi pòtásíọ́ọ̀mù náítíréètì, èyí tí a ń pè ní afárá iyọ̀, ló tú ìdè yẹn. Áyọ́ọ̀nù pòtásíọ́ọ̀mù jẹ́ pọ́sítíìfù, náítíréètì jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, àwọn méjèèjì sì ń rìn nínú omi tó wà nínú pépà. Bí ife síńkì bá ti fẹ́ di pọ́sítíìfù, náítíréètì á wọ inú rẹ̀ láti pépà. Bí ife bàbà bá ti fẹ́ di nẹ́gẹ́tíìfù, pòtásíọ́ọ̀mù á wọ ibẹ̀. Fún átọ́ọ̀mù síńkì kan tó bá tú, ṣáájì méjì ni gbogbo wọn jọ gbọ́dọ̀ gbé kọjá, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Ọ̀nà náà ti wá yípo pé: ẹ̀lẹ́kítírónì nínú wáyà láti síńkì dé bàbà, áyọ́ọ̀nù nínú omi àti nínú pépà, irin méjèèjì sì ni ibi tí ọ̀kan ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì.

Ibi tí mo ti ń rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á kọ ọ́ pé afárá iyọ̀ ń jẹ́ kí ṣáájì omi dọ́gba, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n wọ́n á máa rò pé alábòójútó kan ni, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣàn gan-an. Afárá náà wà lójú ọ̀nà ìṣàn. Ìwọ̀n iná tó ń gba wáyà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà ló ń gba inú pépà kọjá. Gé wáyà, iná dúró. Yọ pépà, iná dúró. Bí pépà bá gbẹ, iná á máa rọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú.

Àwọn kan á ní, bí ó bá jẹ́ ká so omi méjèèjì pọ̀ la ń fẹ́, kí ló dé tí a kò fi wáyà bàbà kan há etí ife méjèèjì? Gbìyànjú rẹ̀, wàá rí i pé ìṣàn kò ní sí tó ohun tí ó wúlò. Orí wáyà tó wà nínú omi síńkì ti ní láti fi ẹ̀lẹ́kítírónì lé nǹkan kan lọ́wọ́ níbẹ̀, kò sì sí áyọ́ọ̀nù bàbà nínú omi yẹn tí yóò gbà á. Wáyà ń gbé ẹ̀lẹ́kítírónì, omi kò gbà á, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù nìkan ló lè ti inú omi kan bọ́ sínú omi mìíràn láì sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí àròsọ, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé bátìrì kan ń gbé mílíáḿpù mẹ́wàá jáde fún wákàtí kan gbáko. Mílíáḿpù mẹ́wàá jẹ́ 0.01 áḿpù, wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600, nítorí náà kúlọ́ọ̀mù 36 ló kọjá. Móòlù ẹ̀lẹ́kítírónì kan jẹ́ kúlọ́ọ̀mù 96,485, èyí fi hàn pé móòlù 0.00037 ẹ̀lẹ́kítírónì ló rìn. Méjì méjì ni síńkì ń fi wọ́n sílẹ̀, torí náà ìdajì iye yẹn ni síńkì tó tú. Bí o bá sọ ọ́ di ìwọ̀n, mílígíráàmù 12 ni síńkì fi fúyẹ́, bàbà sì fi ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wúwo sí i. Bí láàbù yín bá ní òṣùwọ̀n tó ń ka mílígíráàmù, ẹ wọn irin méjèèjì ní gbígbẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin. Bí síńkì bá fi púpọ̀ fúyẹ́ ju ohun tí ìṣirò sọ lọ, ẹ mọ̀ pé omi búlúù ti rí ọ̀nà gba inú afárá wá bá síńkì, pàṣípààrọ̀ ọwọ́ sí ọwọ́ sì ti ń lọ níbẹ̀ láì gba inú wáyà.

Ìṣirò kan náà yóò sọ fún ọ bí bátìrì ṣe lè pẹ́ tó. Gíráàmù 25 bàbà sọ́féètì nínú omi tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílílítà 100 fún wa ní ìdá kan nínú mẹ́wàá móòlù bàbà. Ní mílíáḿpù mẹ́wàá, yóò gbà ju ogún ọjọ́ lọ kí búlúù yẹn tó tán, bí síńkì bá tó, tí omi méjèèjì kò sì dàpọ̀. Lójú ayé, wọn yóò dàpọ̀ kí ó tó dìgbà náà.

Mo wá dé orí gílóòbù rẹ. 1.08 fólítì tí mítà kà kò purọ́, ṣùgbọ́n fólítéèjì kò sọ bí ìṣàn yóò ti pọ̀ tó. Táńkì omi tó wà lókè ilé ní ìtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí páìpù tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bá tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, omi kò ní kún korobá. Pépà rẹ ni páìpù tín-ín-rín yẹn. Áyọ́ọ̀nù wúwo, omi ń fà wọ́n sẹ́yìn, ọ̀nà tó wà nínú pépà sì há. Ìdènà pépà gígùn kan tí a rẹ sínú omi iyọ̀ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ómù, ó sì lè kọjá ẹgbẹ̀rún.

Ká mú un ní 500 ómù. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ 2.5 fólítì àti 0.3 áḿpù sí lára ní ìdènà bí ómù mẹ́jọ nígbà tó bá tàn. So ó mọ́ bátìrì rẹ: 1.1 tí a pín sí 508 jẹ́ nǹkan bí mílíáḿpù méjì. Gílóòbù náà ń bẹ̀bẹ̀ fún 300. Nínú 1.1 fólítì yẹn, èyí tó dé ara gílóòbù kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta fólítì. Inú pépà ni ìyókù ti ṣòfò. Bí ẹ bá gbé mítà sórí gílóòbù náà nígbà tó wà ní ìsopọ̀, ẹ̀yin fúnra yín yóò rí i tí 1.08 já wálẹ̀ sí ẹgbẹ́ òdo, tí yóò sì tún gòkè padà bí ẹ bá yọ gílóòbù. Mítà kò rí ìṣòro yìí nígbà tó dá wà nítorí pé ìṣàn tí òun ń lò kéré tó fi jẹ́ pé pépà kò di í lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan wà tí o lè gbà mọ ìdènà inú bátìrì rẹ láì méfò. Wá rẹ̀sísítọ̀ 1,000 ómù. Ka fólítì nígbà tí kò sí nǹkan lórí bátìrì, lẹ́yìn náà so rẹ̀sísítọ̀ náà mọ́ ọn kí o tún kà á. Bí fólítì bá já sí ìdajì, ìdènà inú bátìrì dọ́gba pẹ̀lú ti rẹ̀sísítọ̀, ìyẹn 1,000. Bí ó bá já láti 1.08 sí 0.72, ìdajì ohun tó kù lórí rẹ̀sísítọ̀ ló ti sọnù sínú, torí náà 500 ni.

Bí o bá fẹ́ kí ó dínkù, afárá ni kí o tún ṣe. Jẹ́ kí pépà kúrú, kí o ká a pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí omi iyọ̀ tí o rẹ ẹ́ sí lágbára dáadáa, kí ife méjèèjì sì fara kanra. Èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ohun tó jọ ti àwọn tó tẹ̀lé Daniell. Daniell fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀nà ọ̀fun màlúù ya omi méjèèjì sọ́tọ̀, kí wọ́n tó wá rí i pé ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn ní ọ̀dà dídán rọrùn jù. Ìkòkò amọ̀ kékeré tuntun tí àwọn amọ̀kòkò wa ń mọ, irú èyí tí ara rẹ̀ máa ń tutù nítorí pé omi ń yọ jáde lára rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, bu omi síńkì sọ́féètì àti síńkì sínú rẹ̀, kí o gbé e jókòó sínú abọ́ onírọ́bà tí omi búlúù àti bàbà wà. Áyọ́ọ̀nù yóò gba ara ìkòkò kọjá ní gbogbo àyíká, ìdènà yóò sì já wálẹ̀ gan-an. Ẹ má fi ìkòkò náà se ohun jíjẹ mọ́ láé, nítorí májèlé ni bàbà sọ́féètì.

Nípa iyọ̀ tí a ń lò, iyọ̀ ọbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún síńkì àti bàbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé fàdákà tàbí òjé dé ibẹ̀, kílóráìdì inú iyọ̀ ọbẹ̀ yóò bá áyọ́ọ̀nù wọn di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà yóò dí afárá, áyọ́ọ̀nù tó yẹ kó gba ẹ̀lẹ́kítírónì yóò sì dínkù. Ìdí tí a fi ń yan náítíréètì nìyẹn: kì í bá irin kankan nínú àwọn wọ̀nyí di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Tí mítà bá ń ka −1.08, ẹ̀ ń so ẹnu rẹ̀ sí òdìkejì ni, kò sí ohun mìíràn. Tí síńkì bá ti dúdú, omi búlúù ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ họ ọ́, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ àti afárá. Tí ẹ bá gé síńkì yín lára páànù òrùlé, ẹ ṣọ́ra: irin ni páànù àtijọ́, síńkì kàn bò ó lójú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni. Bí síńkì yẹn bá tú tán, irin abẹ́ rẹ̀ yóò bọ́ síta, fólítì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra já kọjá 1 sí ìsàlẹ̀ 0.8. Páànù òde òní tó fúyẹ́, alumíníọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ wọn, awọ tó bò ó lójú kò sì ní jẹ́ kí ó fún yín ní iye tí ìwé sọ. Ara ìta bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀pá dúdú láàárín, irú èyí tí kò lágbára púpọ̀ yẹn, síńkì gidi ni. Àgbàlagbà ni kó bá yín tú u, ẹ má sì tú èyí tí wọ́n kọ alkaline sí lára, ohun tó wà nínú rẹ̀ a máa jó awọ.

Ìwọ ka 1.08 dípò 1.10, ìyẹn dára púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kí omi búlúù yín má lágbára tó omi síńkì. Bí omi bàbà bá là débi tí agbára rẹ̀ ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, 0.03 fólítì péré ni bátìrì yóò fi dínkù. Ìyẹn ni pé fólítì kò ní kìlọ̀ fún ọ nígbà tí bátìrì bá fẹ́ tán. Yóò wà ní nǹkan bí 1.07 nígbà tí bàbà inú omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ojú omi ni kí o máa wò. Bí búlúù bá ti ń ṣí, ju ègé bàbà sọ́féètì bíi mélòó kan sí i.

Tí ẹ bá fẹ́ rí iná lójú, ẹ fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ wá gílóòbù kékeré pupa tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀lì-íì-dí. Mílíáḿpù kan tó o láti tàn, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ nǹkan bí 1.8 fólítì, bátìrì kan kò sì lè fún un. Ẹ ṣe mẹ́ta, kí ẹ so wọ́n ní ìtẹ̀léra: bàbà ti àkọ́kọ́ mọ́ síńkì ti ìkejì, bàbà ti ìkejì mọ́ síńkì ti ìkẹta, kí ìkọ̀ọ̀kan ní afárá tirẹ̀, kí omi bátìrì kan má sì kan ti èkejì. Ẹ ó ní 3.3 fólítì. Bí ẹ bá yọ 1.8 ti gílóòbù kúrò, 1.5 ló kù láti ti ìṣàn gba inú pépà mẹ́ta tó ní 500 ómù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mílíáḿpù kan géérégé. Ẹsẹ̀ gígùn gílóòbù náà ni kí ẹ so mọ́ bàbà tó gbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ kúkúrú mọ́ síńkì àkọ́kọ́. Bí kò bá tàn, ẹ ka fólítì bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nígbà tí gílóòbù ṣì wà ní ìsopọ̀. Èyí tí tirẹ̀ bá já jù, afárá rẹ̀ ni kí ẹ tún rẹ sínú omi iyọ̀.